Bí olùkọ́ ṣe lè yẹ ìdánwò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wò: pínpín sí méjì àti álífà Kírónbáàkì

Ní tẹ́ọ̀mù tó kọjá, àbúrò kan tí a jọ ń kọ́ni ní ilé ìwé kan ní Òṣogbo kó ìwé ìdánwò Bésíìkì Sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ kíláàsì kejì jíníọ̀ wá bá mi. Ìbéèrè ọbújẹ́tífù 10 ni, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ó ti máàkì tán, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọmọ tó mọ̀wé jù nínú kíláàsì mi kò gba 10. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó kùnà, àwọn tí kì í ṣí ìwé rárá ló gbà á. Ṣé ìdánwò yìí ṣeé gbára lé báyìí?"

Ìbéèrè rẹ̀ ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì ṣeé fi nọ́ḿbà sọ. Màá tẹ̀lé ọ̀nà tí àwa méjèèjì gbà lọ́jọ́ náà, kí olùkọ́ tó bá ní ìwé ìdánwò níwájú lè ṣe é bí ó ti ń kà.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Bí ẹ bá lọ ra gààrí ní ọjà Ìgbónà, tí ìdí kóńgò ìyá ọlọ́jà bá ti wọnú, gààrí tí ẹ máa gbà yóò dín, ṣùgbọ́n bákan náà ni yóò ṣe máa dín lójoojúmọ́. Àléébù tìyẹn ni pé kò wọn ohun tó yẹ kó wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wọ̀n ọ́n kún lónìí, tó ń rẹ́ ẹ lórí lọ́la, tí a kò sì lè sọ bí tọ̀túnla yóò ṣe rí, òṣùwọ̀n yẹn ni kò ṣeé gbára lé. Èkejì yìí ni à ń yẹ̀ wò. Bí ọmọ bá gba 7 lónìí, ṣé irú ìdánwò yìí kan náà máa fún un ní nǹkan tó sún mọ́ 7 bí ó bá tún ṣe é, láìjẹ́ pé ó kọ́ ohun tuntun?

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú kíláàsì, kì í sábà rọrùn. Àwọn ọmọ yóò ti rántí ìbéèrè, wọ́n á ti bi ara wọn ní ìdáhùn lójú ọ̀nà ilé. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi wá ọ̀nà tí ìdánwò kan ṣoṣo fi lè ṣiṣẹ́ ìdánwò méjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ 1 àti 0 sílẹ̀

Ẹ má kọ àpapọ̀ máàkì nìkan. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ: ẹni tó gbà á ní 1, ẹni tó kùnà ní 0. Ọmọ 10 ni mo mú síbí kí nọ́ḿbà má baà pọ̀ lójú. Fún iṣẹ́ gidi, ẹ kó gbogbo kíláàsì, ó sàn bí ẹ bá tilẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ka kíláàsì náà pọ̀, nítorí pé lára ọmọ 10, ọmọ kan ṣoṣo lè yí èsì padà gan-an.

```
      1  2  3  4  5  6  7  8  9 10  Àpapọ̀
Ọ1    1  1  1  1  1  1  0  1  1  1    9
Ọ2    1  1  1  1  1  1  0  1  1  0    8
Ọ3    1  1  1  1  1  0  0  1  1  1    8
Ọ4    1  1  1  1  0  1  0  1  0  1    7
Ọ5    1  1  1  0  1  1  1  0  1  0    7
Ọ6    1  1  0  1  1  0  0  1  0  0    5
Ọ7    1  0  1  0  1  0  1  0  0  1    5
Ọ8    1  1  0  1  0  0  1  0  0  0    4
Ọ9    1  0  1  0  0  0  1  0  0  0    3
Ọ10   0  1  0  0  0  0  1  0  0  0    2
```

Bí ẹ bá ń lo `Excel`, ẹ kọ orúkọ ọmọ sí òpó A, kí ìbéèrè 10 wà láti B dé K, kí ọmọ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 2. Àpapọ̀ yóò wà ní L. Ibi tí ọmọ kò bá ti kọ nǹkan kan, 0 ni kí ẹ kọ, ẹ má fi àlàfo sílẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kì í ka àlàfo mọ́ ohun tó ń ṣírò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín ìdánwò sí méjì

Ẹ kó ìbéèrè 1, 3, 5, 7 àti 9 sí apá kan, kí 2, 4, 6, 8 àti 10 wà ní apá kejì. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ro máàkì apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ1 gba 4 àti 5. Ọ5 gba 5 àti 2. Ọ9 gba 3 ní apá àkọ́kọ́, kò sì gba nǹkan kan ní èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí apá méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn. Ṣé ẹni tó ga ní apá kan ló ga ní èkejì? Nọ́ḿbà tó ń sọ èyí wà láàárín −1 àti 1. Bí ó bá sún mọ́ 1, apá méjèèjì ń to àwọn ọmọ bákan náà. Bí ó bá wà nítòsí 0, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí, ìlà kìíní sí L2, ìkejì sí M2, ìkẹta sí N2, kí ẹ fà wọ́n dé ìlà 11, kí ẹ wá tẹ ìkẹrin sí M13 àti ìkarùn-ún sí M14:

```
=SUM(B2:K2)
=B2+D2+F2+H2+J2
=L2-M2
=CORREL(M2:M11,N2:N11)
=2*M13/(1+M13)
```

Èyí tó wà ní M13 jẹ́ 0.16 fún ìdánwò àbúrò mi. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ìdánwò oníbéèrè 5 ni 0.16 yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè 5 ni a fi wé ìbéèrè 5, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè 10 ni àwọn ọmọ ṣe. Bí ìbéèrè bá ṣe pọ̀ sí i ni òṣùwọ̀n ṣe máa ń dúró dáadáa sí i. Ìlà karùn-ún ló ń dá a padà sí gígùn tó yẹ. Onímọ̀ ọkàn méjì, Sípíámáànù àti Búráùn, ló ṣe é jáde, olúkúlùkù lọ́tọ̀, ní ọdún 1910, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe orúkọ àwọn méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ sọ nọ́ḿbà yín di ìlọ́po méjì, kí ẹ wá fi 1 tí ẹ fi nọ́ḿbà yín kún pín in. Ti wa di 0.28. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń gbàgbé ìlà yìí, tí wọ́n á sì kéde pé ìdánwò àwọn burú ju bó ṣe burú lọ.

Síbẹ̀, 0.28 kéré gan-an. Ojú àbúrò mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní kí ó dúró ná, kí a tún un pín lọ́nà mìíràn: ìbéèrè 1 sí 5 ní apá kan, 6 sí 10 ní apá kejì. A tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di 0.88.

Ìwé àwọn ọmọ kan náà ni, máàkì kan náà ni. Ọ̀nà kan ní ìdánwò náà kò wúlò, ọ̀nà kejì ní ó dára púpọ̀. Ìbéèrè 10 ṣeé pín sí 5 àti 5 lọ́nà 126, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí ìdánwò òun dára lójú ọ̀gá lè máa wá títí tí yóò fi rí èyí tó wù ú. Àléébù ńlá ọ̀nà pínpín sí méjì nìyí, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi pínpín kan ṣoṣo ṣe ẹjọ́ ìdánwò.

Bí ẹ bá máa pín náà, èyí tó fi ìbéèrè kan sọ́tùn-ún, kan sósì, ló sábà dára jù, nítorí pé àwọn ìbéèrè ìparí sábà máa ń le ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, àárẹ̀ sì ti máa ń mú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ibi méjì ló ti ń tanni. Bí àkókò kò bá tó, tí ọ̀pọ̀ kò dé ìparí, àwọn 0 ìparí yóò bọ́ sí apá méjèèjì dọ́gba, nọ́ḿbà á sì ga lásán. Bí ìbéèrè mẹ́ta bá sì so mọ́ àwòrán kan tàbí àyọkà kan, ojú kan náà ni kí ẹ kó wọn sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: álífà

Ní ọdún 1951, Lií Kírónbáàkì, onímọ̀ ọkàn ará Amẹ́ríkà, gbé nọ́ḿbà kan jáde tó kúrò nínú wàhálà ìpín yìí. Lójú ẹ̀rọ, `Cronbach's Alpha` ni ẹ máa rí. Kò yan ìpín kankan. Bí ẹ bá lo ọ̀nà ìṣirò tó ń fi ìfọ́nká àwọn apá wọn ìpín 126 yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ wá wá ìpíndọ́gba gbogbo wọn, álífà ni ẹ máa bá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ nílò láti yé yín: ìfọ́nká. Òun ni bí máàkì ṣe tàn kálẹ̀ sí. Bí gbogbo ọmọ bá gba 6, ìfọ́nká jẹ́ 0. Fún ìbéèrè tí a ń fún ní 1 tàbí 0, ó rọrùn: ẹ wo ìdá àwọn tó gbà á, ẹ fi ìdá àwọn tó kùnà sọ ọ́ di púpọ̀. Ọmọ 6 nínú 10 ló gba ìbéèrè 4, nítorí náà 0.6 lọ́nà 0.4 jẹ́ 0.24. Ọmọ 9 ló gba ìbéèrè 1, ìyẹn jẹ́ 0.09. Ìbéèrè tí gbogbo kíláàsì gbà yóò ní 0, kò sì ran òṣùwọ̀n lọ́wọ́ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn ọmọ dùn sí i.

Nígbà tí a ro ìfọ́nká ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, ó jẹ́ 2.16. A wá wo ìfọ́nká àpapọ̀ máàkì fúnra rẹ̀, ìyẹn 9, 8, 8, 7, 7, 5, 5, 4, 3, 2. Ó jẹ́ 4.96.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Bí àwọn ìbéèrè kò bá mọ ara wọn rí, ìfọ́nká àpapọ̀ kò ní ju àròpọ̀ ìfọ́nká wọn lọ, 2.16 náà ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ ń fà sí ibì kan náà, ọmọ tó mọ ọ̀kan á mọ èkejì, ẹni tó ga á ga jù, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wà nísàlẹ̀ pátápátá, àpapọ̀ á sì tàn kálẹ̀ ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni álífà ń wọ̀n. Ẹ tẹ ìlà kìíní sí B12, kí ẹ fà á dé L12, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ ìkejì sí ibi tó bá wù yín:

```
=VAR.P(B2:B11)
=10/9*(1-SUM(B12:K12)/L12)
```

10 tó wà níbẹ̀ ni iye ìbéèrè, 9 sì ni iye ìbéèrè tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ 40, 40/39 ni. 2.16 tí a fi 4.96 pín jẹ́ 0.435. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku 0.565. Lọ́nà 10/9, ó jẹ́ 0.63.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù níbí ni kí olùkọ́ lo `VAR.P` fún ìbéèrè, kó wá lo `VAR.S` fún àpapọ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ lò fún méjèèjì. Tíọ́rì náà ṣeé ṣe báyìí, ìbéèrè tó ní máàkì 5 tàbí 10: ẹ kọ máàkì tí ọmọ gbà dípò 1 àti 0, ìlà ìṣirò kò yí padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ìbéèrè tó ń fà sẹ́yìn

Fún ìdánwò kíláàsì, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ kí álífà tó 0.70. Fún ohun tó máa pinnu ọjọ́ iwájú ọmọ kan, 0.90 ni wọ́n sábà ń béèrè. 0.63 kò burú pátápátá fún ìbéèrè 10, olùkọ́ mìíràn á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ní ká má gbà á, torí ohun tí àbúrò mi sọ níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé àpapọ̀ àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ìbéèrè 7 wà ní òpó H, nítorí náà ìlà kìíní yìí lọ sí O2, kí ẹ fà á dé O11, kí ìkejì tẹ̀lé e:

```
=L2-H2
=CORREL(H2:H11,O2:O11)
```

Èyí tó bá kọjá 0.20 ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó wà nítòsí 0 kò ṣe nǹkan kan. Ti ìbéèrè 7 jẹ́ −0.80. Ẹ tún tábìlì wò: àwọn márùn-ún tó gbà á ní ìpíndọ́gba 3.2 nínú ìbéèrè 9 yòókù, àwọn márùn-ún tó kùnà ní 7.4. Ohun tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ìbéèrè le. Ìbéèrè tó le, àwọn tó mọ̀wé ló ṣì máa gbà á jù. Nígbà tí àmì bá yí padà sí òdì tó bẹ́ẹ̀, ibi àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni ìwé ìdáhùn yín.

Ìbéèrè 7 náà dára lójú mi, ọmọ Òṣogbo ìlú aró ló ṣe é. Ó ní àwọn aláró máa ń da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, kí omi eérú máa kán bọ́ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Ọ̀nà ìyàsọ́tọ̀ wo nìyẹn? B ni sísẹ́, D ni mímú kí omi gbẹ. Sísẹ́ ni. A ṣí ìwé ìdáhùn, D ló wà níbẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè 8 ló ti kọ síwájú 7. A tú ìwé àwọn ọmọ márùn-ún tó fún ní 0, gbogbo wọn ló kọ B.

Ẹ má kàn yí 0 sí 1 o. Ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tún ṣí, nítorí pé ẹni tó kùnà ìdáhùn tí kò tọ̀nà lè ti mú A tàbí C.

Lẹ́yìn àtúnṣe, àpapọ̀ di 10, 9, 9, 8, 6, 6, 4, 3, 2, 1. Ohun kan jọ mí lójú níbí. Ìfọ́nká ìbéèrè 7 fúnra rẹ̀ kò yí padà, 0.25 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, òun náà ló ṣì jẹ́, àròpọ̀ sì dúró lórí 2.16. Àpapọ̀ ló kúrò ní 4.96 tó di 9.16, nítorí pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ padà sẹ́yìn ti yíjú sí ibi tí àwọn yòókù ń lọ. Álífà di 0.85. Pínpín tó fi kan sọ́tùn-ún, kan sósì, tó jẹ́ 0.28 tẹ́lẹ̀, di 0.80.

Ẹ rántí 0.88 tí ìpín kejì fún wa ṣáájú. Bí a bá ti dúró síbẹ̀, ìdáhùn tó ṣì yẹn ì bá má ti hàn, Ọ1 ì bá sì gba 9 lọ sílé.

Bí ìwé ìdáhùn bá tọ̀nà tí àmì ṣì wà ní òdì, ẹ ka ìbéèrè náà bí ọmọ ṣe máa kà á. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ka ìdáhùn méjì ló tọ̀nà, tí àwọn tó ronú jinlẹ̀ fi mú èkejì. Irú èyí ni kí ẹ yọ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má máa yọ ìbéèrè nítorí kí álífà lè ga nìkan. Bí ìbéèrè kan ṣoṣo bá wà lórí ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, tí àwọn yòókù wà lórí ìyàsọ́tọ̀ nǹkan, nọ́ḿbà rẹ̀ lè kéré láìsí ẹ̀bi, bí ẹ bá sì yọ ọ́, ẹ ti yọ ẹ̀kọ́ náà kúrò nínú ìdánwò. Bákan náà, bí ẹ bá béèrè ohun kan náà lọ́nà mẹ́rin, álífà á fò sókè, ẹ kò sì mọ nǹkan kan sí i nípa ọmọ náà. Ó tún máa ń kéré bí ẹ bá lo ẹ̀ka kíláàsì tí wọ́n ti ṣa àwọn tó mọ̀wé jù sí, nítorí pé máàkì wọn kò tàn kálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ ọ́ di máàkì

Álífà 0.85 kò tíì sọ ohun tí olùkọ́ máa ṣe fún ọmọ kan. Ẹ wá gbòǹgbò ìfọ́nká àpapọ̀, ẹ fi gbòǹgbò ohun tó kù lẹ́yìn tí ẹ yọ álífà kúrò nínú 1 sọ ọ́ di púpọ̀:

```
=SQRT(9.16)*SQRT(1-0.85)
```

Ó jẹ́ 1.2 tí a bá gé e kúrú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé máàkì ọmọ lè fi nǹkan bíi 1 ga tàbí kó fi nǹkan bíi 1 wálẹ̀ láìjẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ìyàtọ̀ 9 àti 4 dúró. Ìyàtọ̀ 5 àti 4 kò dúró.

Ibẹ̀ gan-an ni Ọ7 wà. Ó gba 5 tẹ́lẹ̀, ó yege. Lẹ́yìn àtúnṣe ó di 4. Àbúrò mi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó kùnà.

Mo ní, "Àbúrò, òṣùwọ̀n tìrẹ kò lágbára tó láti pààlà síbẹ̀ yẹn."

"Kí la máa wá ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

A padà sí ìlà Sípíámáànù àti Búráùn, torí ó tún wúlò fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí a bá fi ìbéèrè 10 mìíràn tó dára bíi ti ìṣáájú kún un, 0.85 lọ́nà 2, tí a fi 1.85 pín, jẹ́ 0.92. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló ṣe ìbéèrè 10 yẹn fún gbogbo kíláàsì, tó sì ro méjèèjì pọ̀ kó tó kọ máàkì sínú ìwé èsì. Ìwé ìdáhùn ti ìkejì, ó kọ́kọ́ gbé e fún mi kí n dáhùn ìbéèrè náà láìwo tirẹ̀, kí a wá fi méjèèjì wé ara wọn.